Wọ́n Gbé Ẹlòmíràn Ga, Wọ́n Fi Mí Sílẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Ilẹ̀ Okun

Okun o. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí fáìlì òṣìṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn Kogi kí n tó fẹ̀yìn tì. Títí di òní, ibi òkú àgbà ni, ibi ìgbéyàwó ni, ẹnìkan á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní, "Bàbá, wọ́n tún ti fò mí." Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ délé.

Ẹni tí mo ṣáájú dé ibi iṣẹ́ ni wọ́n gbé ga. Ṣé ojúsàájú kọ́ nìyẹn?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ọjọ́ wo ló wà nínú lẹ́tà ìgbéga yín tó kẹ́yìn. Àwọn tó ń wá bá mi kì í sábà mọ̀ ọ́n. Ọdún tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí lẹ́tà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a fi ń kà nínú méjèèjì. Ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn sọ pé ìgbéga bẹ̀rẹ̀ ni a fi ń kà, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún. Lẹ́tà lè dé ní oṣù kẹwàá 2019 kí ó sọ pé 1 Oṣù Kìíní 2018 ni ìgbéga yín ti bẹ̀rẹ̀. 2018 yẹn ni tiyín.

Láti ibẹ̀ ni ẹ óò ti ka ọdún. Ẹni tó wà ní ìpele 6 sísàlẹ̀ yóò lo ọdún méjì kó tó yẹ fún ìgbéga. Ẹni tó wà láàárín ìpele 7 sí 14 yóò lo ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá ti dé 15 sókè yóò lo mẹ́rin. Pé ọdún pé kò sì ní kí ìgbéga dé tààrà, torí àyè gbọ́dọ̀ ṣófo lókè. Ó lè ṣófo ní ẹ̀ka ìṣúná kó má ṣófo ní ẹ̀ka ìṣàkóso, kí ẹni tí ẹ jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà máa gòkè, kí ẹ̀yin ṣì dúró. Ìyẹn máa ń dunni, àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ.

Ohun mìíràn tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni ìyípadà ẹ̀ka, èyí tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní kọnfáṣọ̀n. Akọ̀wé kékeré kan ní ìpele 6 lọ kàwé lópin ọ̀sẹ̀, ó gba dìgírì, ó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá, wọ́n sì sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ àgbà ní ìpele 8. Ẹni tó ti wà ní ìpele 7 láti ọdún méjì á wá máa pariwo pé wọ́n ti gbé ọmọ àná gorí òun. Wọn ò gbé e ga rárá, ẹ̀ka ni wọ́n yí fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì bínú sí ẹni tó ti ìpele 10 bọ́ sí 12. Kò sí ìpele 11 nínú iṣẹ́ ìjọba wa. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn nítorí èyí, ẹ̀rín ni wọn ì bá fi pa á.

Tí ẹ bá ti yọ gbogbo ìwọ̀nyí kúrò, ohun tó kù ló lè jẹ́ ojúsàájú: ẹni tí ọdún rẹ̀ kò pé ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ jáde, ẹni tí kò jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tàbí ìwé tiyín tí ẹnìkan jókòó lé.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ kan tó hàn gbangba.

Obìnrin kan ní ẹ̀ka ìṣúná níbi tí mo ti ṣiṣẹ́. Ìpele 8 ló wà, láti 1 Oṣù Kìíní 2018. Ọdún mẹ́ta pé ní 1 Oṣù Kìíní 2021. Ó lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò sì ní kúẹ́rì kankan lọ́rùn. Nígbà tí àbájáde ọdún 2021 jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Orúkọ ọ̀dọ́kùnrin kan tí tábìlì wọn kọjú síra wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 1 Oṣù Kìíní 2019 ni ọ̀dọ́kùnrin yìí bọ́ sí ìpele 8. Ọdún méjì péré ló lò níbẹ̀. Nípa ìṣirò nìkan, kò tíì yẹ.

Gbogbo ọ́fíìsì mọ ìdí. Gbẹ̀dẹ̀ ni ọmọ náà ti wá, ibẹ̀ náà ni ọ̀gá tó fọwọ́ sí àkójọ orúkọ ti wá, ọmọbìnrin wa sì jẹ́ ará Ìjùmú-Òkè. Ẹ̀yin tí kì í ṣe ará ibí lè rò pé Okun kan náà ni gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀ ni, títí tí wọ́n á fi pín nǹkan.

Ó wá sí ọ́fíìsì mi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mú ìwé ẹ̀sùn ojú ewé mẹ́ta dání. Orúkọ ọmọ náà wà níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ. Mo kà á. Mo bi í pé, "Àǹtí, épà yín ti 2018, 2019 àti 2020 pé nínú fáìlì?" Ó ní òun kọ gbogbo wọn. Mo ní kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn.

Fọ́ọ̀mù ìdíwọ̀n iṣẹ́ ọdọọdún tí à ń pè ní épà ni àwọn ìgbìmọ̀ máa ń wò, ti ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ á kọ apá tirẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á fún un ní máàkì, òṣìṣẹ́ á fọwọ́ sí i pé òun ti rí i, ọ̀gá tó ju ìyẹn lọ á tún fọwọ́ sí i. Tí ẹyọ kan bá dín, wọ́n á kọ "ìwé kò pé" síwájú orúkọ, wọ́n á bọ́ sórí ẹlòmíràn. Wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí fáìlì ara rẹ̀, torí ìwé àṣírí ni, nítorí náà mo ní kó kọ lẹ́tà ìlà mẹ́rin sí ẹ̀ka wa pé kí wọ́n bá òun wò bóyá épà ọdún mẹ́ta yẹn pé. Ní ọjọ́ kẹta, èsì jáde: 2019 kò sí.

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà gba lẹ́tà ìṣípòpadà lọ sí Ìsánlú ní oṣù kìíní 2020, fọ́ọ̀mù sì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ láì fọwọ́ sí. Kò sẹ́ni tó ṣe é ní ìkà níbẹ̀ rárá. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣẹlẹ̀ nígbà náà: wọ́n ṣe ojúsàájú fún ọmọkùnrin náà, ìwé obìnrin yìí sì dín. Ó ti so wọ́n pọ̀ lọ́kàn rẹ̀, ó rò pé wọ́n fi ipò òun fún un. Ká ní ó fi ojú ewé mẹ́ta yẹn ránṣẹ́, gbólóhùn kan ni wọn ì bá fi dá a lóhùn: ìwé rẹ kò pé. Ẹ̀sùn ti tán nìyẹn, ọ̀tá sì kù sílẹ̀.

Kí ló wá ṣe sí ti ọdún tó dín yẹn?

Ó wọ mọ́tò lọ sí Ìsánlú. Ọ̀gá àtijọ́ yẹn bá a kọ fọ́ọ̀mù tuntun fún 2019, ibí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀gá náà fẹ́ kọ ọjọ́ oṣù Kejìlá 2019 síbi ìfọwọ́sí, kó lè dà bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ti ṣe é. Mo ti kìlọ̀ fún obìnrin náà kó tó lọ pé kó má gbà. Àwọn ará ọ́fíìsì ń pè é ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n yíyí àkọsílẹ̀ ìjọba po ni orúkọ rẹ̀ nínú òfin iṣẹ́, ìwà àìtọ́ ńlá ni, ó sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ọjọ́ tó fọwọ́ sí i gan-an ni ó kọ, ó sì so ìwé kékeré mọ́ ọn pé òun ni ọ̀gá rẹ̀ ní ọdún 2019, pé ìṣípòpadà ni kò jẹ́ kí òun parí rẹ̀. Ìwé kékeré yẹn ló gba ọ̀rọ̀ náà là.

Kí ni ó yẹ kó wà nínú lẹ́tà náà, ta ni a sì ń kọ ọ́ sí?

Láti ìpele 7 sókè, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Lọ́kọ́já ló ń gbéni ga. Àwọn ni lẹ́tà ń lọ bá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ olórí ẹ̀ka yín àti olórí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kọjá. Ẹ má fò wọ́n. Ẹni tó bá kọ̀wé sí Lọ́kọ́já láì gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ti fún ọ̀gá náà ní ẹ̀sùn tuntun tí yóò fi kàn án. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á jókòó lé e, a máa ń fi ẹ̀dà kan ṣáájú ránṣẹ́, kí a sì kọ ọ́ gbangba sí orí rẹ̀ pé ẹ̀dà ìṣáájú ni, pé ojúlówó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀gá. Ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé e dé, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ kò tíì kọ ọ́.

Lẹ́tà obìnrin yẹn kò ju ojú ewé kan lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ níbẹ̀ nìyí: Ọjọ́ báyìí ni mo bọ́ sí ìpele 8. Ọdún mẹ́ta mi pé ní ọjọ́ báyìí. Mo jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọjọ́ báyìí. Mo gbọ́ pé épà mi ti 2019 kò sí nínú fáìlì. Òun nìyí, pẹ̀lú àlàyé ọ̀gá mi nígbà náà. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ tún ọ̀ràn mi yẹ̀ wò, kí ìgbéga mi sì bẹ̀rẹ̀ láti 1 Oṣù Kìíní 2021.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Tí ẹ bá kàn ní "ẹ gbé mi ga," wọ́n lè gbé yín ga láti ọdún tí wọ́n bá kọ lẹ́tà. Ọdún méjì yín ti lọ nìyẹn, ìgbéga tó kàn náà á sì fi ọdún méjì sún síwájú. Ọjọ́ ni kí ẹ béèrè.

Ṣé kí n má dárúkọ ẹni tí wọ́n gbé ga ni? Ẹ̀rí mi náà ni.

Bí ohun tí ẹ ń bèèrè bá jẹ́ tiyín nìkan, ẹ kò nílò rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ẹ fi hàn pé wọn kò lo òfin kan náà fún gbogbo ènìyàn, ẹ lo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó: "òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka kan náà, tí ó bọ́ sí ìpele 8 ní ọjọ́ báyìí, wà ní nọ́ńbà báyìí nínú àkójọ tí ẹ gbé jáde." Wọ́n mọ ẹni tí ẹ ń sọ. Ẹ ò tíì bú u, ẹ ò sì ní kí wọ́n já a sílẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí ó ṣe òdìkejì èyí. Ojú ewé kan láti inú fáìlì ẹni tí wọ́n gbé ga ni ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó so ó mọ́ ìwé ẹ̀sùn. Ẹ̀rí tó múná ni, òótọ́ sì ni gbogbo ohun tó kọ. Kúẹ́rì ló kọ́kọ́ gbà: báwo ni ìwé àṣírí ìjọba ṣe dé ọwọ́ rẹ? Kò rí èsì kankan fún un tí kò ní fi ẹlòmíràn sínú wàhálà. Ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ fún un wọ inú fáìlì, ẹni tí ìkìlọ̀ sì wà nínú fáìlì rẹ̀, wọ́n ti rí ìdí láti fò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò tún rántí ẹ̀sùn tó mú wá.

Ọ̀gá mi ló fún mi ní máàkì kékeré nínú épà, torí kò fẹ́ràn mi. Kí ni kí n ṣe?

Ibi tí ẹ ti ń fọwọ́ sí i ni ibi tí ẹ ti lè sọ̀rọ̀. Ẹ má fi ìbínú kọ̀ láti fọwọ́ sí i, torí àìfọwọ́sí á mú kí fọ́ọ̀mù dúró, ẹ̀yin náà ni ó sì máa pa lára. Ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti rí i, kí ẹ sì kọ síbẹ̀ pé ẹ kò fara mọ́ máàkì báyìí, nítorí iṣẹ́ báyìí tí ẹ ṣe. Ẹ mú iṣẹ́ tí a lè kà: iye ìwé ìṣirò tí ẹ parí, oṣù tí ẹ fi dúró fún ẹni tó lọ ìsinmi. "Mo ń ṣiṣẹ́ takuntakun" kò wúlò fún ọ̀gá kejì tó fẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi ìwé ìsinmi, lẹ́tà ìfiṣẹ́ránni àti ti ìṣípòpadà pamọ́, ẹ máa gbìyànjú o. Lẹ́yìn àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, mo rò pé kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ òṣìṣẹ́ Kogi pé kó ní àpò ìwé tirẹ̀ nílé.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ ọba wa, wọ́n sì ní kábíyèsí lè pe ọ̀gá náà. Ṣé kò ní yá jù?

Ó lè yá. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ìjọba kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi ẹni ńlá wá ìgbéga, ohun tí ẹ sì ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ẹlòmíràn náà nìyẹn. Ní ìlú kékeré bíi tiwa, ìpè kan láti ààfin kì í pa mọ́. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti ń sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá sì wá gbé yín ga lẹ́yìn náà, pé ó tọ́ sí yín kò ní hàn mọ́.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Ẹ̀tọ́ yín ni láti mú ọ̀ràn lọ bá alága ẹ̀ka ẹgbẹ́, pàápàá tí ẹ bá tó méjì mẹ́ta tí ọ̀ràn yín jọra. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá alága fúnra rẹ̀ kò sí nínú àkójọ àwọn tí wọ́n gbé ga.

Ṣé mo lè kọ ọ́ sí orí Wáásáàpù ọ́fíìsì wa?

Rárá. Ẹnìkan á fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá kó tó di pé ẹ gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ ti wá di ọ̀gá mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa bá a lò?

Èyí ló le jù, kò sì sí nínú ìwé òfin kankan. Obìnrin tí mo ń sọ yìí bi mí bóyá òun gbọ́dọ̀ máa pè é ní "ọ̀gá". Mo ní níwájú àwọn ará ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ ni. Nílé, ọmọ àbúrò ọkọ yín ni, ẹ pè é bí ẹ ti ń pè é. Iṣẹ́ tó bá fún yín, ẹ ṣe é lásìkò. Tí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ń tì sí yín, ẹ ṣe é, kí ẹ sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, torí ó wúlò fún épà. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ fi í sílẹ̀ kó ṣìnà nínú ìwé ìṣirò tí ẹ̀yin mọ̀. Mo rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí olùyẹ̀wò owó dé, orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí ìwé náà.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni burúkú. Ó ń ki obìnrin náà láràárọ̀ lórí ìkúnlẹ̀ ìdajì, ojú sì ń tì í.

Oṣù ti ń gorí oṣù, mi ò rí èsì.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ kọ ìránnilétí, kí ẹ so ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn oṣù méjì sí i, òmíràn. Tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í gba owó. Wọn kò lè gbé yín ga, wọn kò sì lè fìyà jẹ ọ̀gá, àmọ́ wọ́n lè kọ̀wé béèrè àlàyé, ọ́fíìsì tí kò dá yín lóhùn sì sábà máa ń dá àwọn lóhùn. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀ràn iṣẹ́ náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá agbẹjọ́rò kíákíá tí ẹ bá ń rò ó, torí àkókò wà tí ẹjọ́ lòdì sí òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi kọjá ìlà. Èrò tèmi ni pé adájọ́ kì í fẹ́ fi ara rẹ̀ sí ipò ìgbìmọ̀ ìgbéga. Ohun tó máa ń wò ni bóyá wọ́n tẹ̀lé ìlànà tí wọ́n fúnra wọn kọ.

Obìnrin wa kò dé ibẹ̀. Ìránnilétí méjì ló kọ.

Lẹ́tà ìgbéga ti dé. Ṣé ó ti parí?

Ẹ ka ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni láti bá yín yọ̀. Ti obìnrin náà dé ní 2023, ìpele 9, láti 1 Oṣù Kìíní 2021. Ọjọ́ kan náà ni òun àti ọ̀dọ́kùnrin yẹn wá ní báyìí, tí ọjọ́ bá sì dọ́gba, ọjọ́ tí oníkálùkù bọ́ sí ìpele tó ṣáájú ni a fi ń mọ àgbà. Tirẹ̀ jẹ́ 2018, ti ọmọ náà jẹ́ 2019. Láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó ti padà di àgbà rẹ̀ nínú ìwé.

Owó tó yẹ kó gbà láti 2021 kò bá lẹ́tà náà dé, n kò sì purọ́ fún un pé yóò tètè dé. Ṣùgbọ́n mo ní kó lọ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ tó kàn. Ó lọ. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti kọ 2023 síwájú rẹ̀, ọdún tí lẹ́tà jáde. Ó fi ẹ̀dà lẹ́tà hàn án, wọ́n sì tún un ṣe níbẹ̀, lójú rẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa.